"E ma san owo": bí a ṣe ń tún ímeèlì oníṣòwò kọ kó tó lọ

Ọ̀rọ̀ ọjà la fẹ́ sọ lónìí, ṣùgbọ́n ìwé ni a óò fi sọ ọ́. Ẹni tó bá ní bíírò lọ́wọ́, kó mú un jáde. Ẹni tí kò mọ̀wé kọ, kó jókòó ti ẹni tó mọ̀ ọ́n kọ, torí etí ni a máa fi ṣe ìdajì iṣẹ́ yìí.

Arábìnrin kan wà ní agbègbè Pobẹ̀ tó ń ta epo pupa àti àdín. Ó gbà kí a ka lẹ́tà òun sórí rédíò, ó ní kí a ṣáà má dárúkọ òun. Oníbàárà rẹ̀ kan wà ní Èkó, Àlájà ni gbogbo wọn ń pè é. Tẹ́lẹ̀, ojúkojú ni wọ́n máa ń nájà. Nígbà tó yá, Àlájà ní kó máa fi ímeèlì ránṣẹ́ sóun, kí ọmọ òun lè máa tẹ̀ ẹ́ sórí pépà fún ìwé ọjà. Arábìnrin wa gbé fóònù, ó kọ ọ́ bó ṣe máa ń kọ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́. Lẹ́tà náà gùn. Mo yọ díẹ̀ kúrò nínú ìkíni rẹ̀, èyí tó kù nìyí gẹ́gẹ́ bó ṣe wà lójú fóònù:

```
bjr alaja e ku ise e ku ojo 3 awon omo nko mo ri mesaj yin
epo ti wa nile bidon 20 25l 18k 10 5l 4k adin 6 5l 5k e ti
san 200k e ma san owo to ku ki oko to gbera mo ti ba awako
soro k o gbe eru lo igolo mar 10 epo yi o lomi bi ti ijosi
e ma ko bidon ofo pada e ma binu pe mo pe ki n to dahun mrc
```

Ẹ ẹ̀ rí i pé kò sí ibi tí ẹnu ti lè dúró mí. Ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀. Àlájà ka "e ma san owo to ku ki oko to gbera", ó sì gbọ́ ọ báyìí: "Ẹ má san owó tó kù kí ọkọ̀ tó gbéra." Ó ní, á à, arábìnrin yìí ṣe dáadáa, ó fẹ́ kí n kọ́kọ́ rí ẹrù. Ó di owó rẹ̀ mú. Ohun tí arábìnrin wa sì ní lọ́kàn ni: "Ẹ máa san owó tó kù kí ọkọ̀ tó gbéra." Nígbà tí awakọ̀ dé sí Pobẹ̀, owó kò tíì dé, arábìnrin wa kò jẹ́ kó fọwọ́ kan bìdọ́n kan. Bí awakọ̀ ṣe lọ lófìfo nìyẹn, ó sì gba owó ìrìn àjò rẹ̀. Epo sun ọjọ́ márùn-ún nílẹ̀. Àlájà ń bínú ní Èkó pé wọ́n já òun kulẹ̀, arábìnrin wa ń bínú ní Pobẹ̀ pé wọn ò fẹ́ sanwó. Kò sí ẹni tó purọ́ nínú wọn.

Ìgbà yẹn ló gbé lẹ́tà náà tọ̀ mí wá, pé kí n bá òun tún un kọ. Bí a ṣe tún un kọ ni mo fẹ́ fi hàn yín.

Kí ló dé tí ẹnu gbọ́ ọ tí ìwé kò gbọ́ ọ?

Tí arábìnrin wa bá pe Àlájà lórí fóònù, tó sì sọ "ẹ máa san", kò sí bí Àlájà ṣe máa gbọ́ "ẹ má san". Ohùn ti yà wọ́n sọ́tọ̀: "má" kúrú, "máa" fà díẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá kọ ọ́ láìsí àmì, tí a tún gé lẹ́tà kan kúrò, ohùn ti lọ. "ma" nìkan ló kù. Ẹni tó kọ ọ́ ṣì ń gbọ́ ohùn ara rẹ̀ nínú orí, kò lè rí i pé ó rújú. Ẹni tó ń kà á kò gbọ́ nǹkan kan, ohùn tó bá wù ú ni yóò fi sí i.

Ẹ wò ó, "e ma" mẹ́ta ló wà nínú lẹ́tà yẹn. "E ma binu pe mo pe" kò lè dààmú ẹnikẹ́ni, torí kò sí ẹni tó máa ní kí oníbàárà òun máa bínú. Ọgbọ́n orí ti tún ìyẹn ṣe. Ṣùgbọ́n "e ma san owo" àti "e ma ko bidon ofo pada", méjèèjì ló ṣeé ṣe lọ́jà. Òǹtajà kan lè ní kí wọ́n dá bìdọ́n padà, òmíràn lè ní kí wọ́n mú un. Ibi tí ìtumọ̀ méjèèjì bá ti lè jẹ́ òótọ́, ibẹ̀ ni ewu wà, ibẹ̀ sì ni ẹni tó ń tún lẹ́tà ṣe gbọ́dọ̀ dúró sí.

Ohun àkọ́kọ́: kà á sókè, kí o fi ìdánudúró sí i

A ò tíì fọwọ́ kan ìgékúrú kankan o. A kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà lẹ́tà náà, kí èyí tó kọ lákọ̀ọ́kọ́ má baà bàjẹ́. A yọ àdírẹ́sì Àlájà kúrò lókè títí a fi parí, torí ìka lè ṣèèṣì tẹ ibi ìfiránṣẹ́. Lẹ́yìn náà ni mo ní kí arábìnrin wa fúnra rẹ̀ kà á sókè. Ibi tí ọ̀rọ̀ kan bá ti parí, mo ń fi àmì ìdánudúró síbẹ̀, èyí tí àwọn ọmọ iléèwé ń pè ní pọ́ẹ̀n. Ibi tó bá ti ń béèrè, bíi "àwọn ọmọ ńkọ́", mo ń fi àmì ìbéèrè.

Òun ni mo ní kó kà á, kì í ṣe èmi. Ìdí rẹ̀ wà nínú gbólóhùn yìí: "mo ti ba awako soro k o gbe eru lo igolo". Tí ẹ bá fi pọ́ẹ̀n sí ẹ̀yìn "soro", ó lè di: "Mo ti bá awakọ̀ sọ̀rọ̀. Kò gbé ẹrù lọ Ìgólò." Tí ẹ ò bá fi í síbẹ̀, ó di: "Mo ti bá awakọ̀ sọ̀rọ̀ kí ó gbé ẹrù lọ Ìgólò." Ọ̀kan ní ẹrù kò lọ, ìkejì ní ẹrù ń lọ. Ẹnu ẹni tó kọ ọ́ nìkan ló mọ èyí tó jẹ́ òótọ́. Nígbà tó kà á, kò dúró rárá níbẹ̀, mo wá mọ̀ pé "kí ó" ló fẹ́ sọ.

Ohun kejì: tú ìgékúrú, má ṣe méfò

A mú pépà kan, a kọ gbogbo ìgékúrú sí apá kan, a kọ ìtumọ̀ wọn sí apá kejì. "bjr" àti "mrc" kò ṣòro fún àwa níbí, torí Faransé ni wọ́n fi kọ́ wa níléèwé. Ṣùgbọ́n Èkó ni lẹ́tà ń lọ, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ́ tiwọn. A yọ méjèèjì, a jẹ́ kí ìkíni Yorùbá dúró. Ìkíni Yorùbá ò ní kí a gé òun kúrò nínú lẹ́tà ọjà. Àlájà ni wọ́n ń kọ ọ́ sí, wọ́n gbọ́dọ̀ kí i.

Níbi "mar 10", èmi gan-an ṣìnà. Mo kọ "ọjọ́ kẹwàá oṣù Máàsì" sílẹ̀, mo sì ń lọ. Arábìnrin wa rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni mo wí o, aago mẹ́wàá àárọ̀." Ní Faransé, "mar" lè jẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó sì lè jẹ́ oṣù Máàsì. Ará Èkó kò tilẹ̀ ní rò ó dé ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Nítorí náà, kọ orúkọ ọjọ́ tán, kọ aago tán, kí o sì sọ bóyá àárọ̀ ni tàbí ìrọ̀lẹ́. Aago tiwa níbí àti ti Èkó dọ́gba. Ẹ̀yin ará Tógò, tiyín fi wákàtí kan wà lẹ́yìn, ẹ máa sọ ti ìlú tí ẹ ní lọ́kàn.

Lẹ́tà "k" wá ni ọ̀gá wọn. Nínú "18k", ẹgbẹ̀rún ni. Nínú "k o gbe eru", "kí" ni. Ẹlòmíràn sì lè rí "25l 18k" kó rò pé kílò ni. Bó bá rò bẹ́ẹ̀, ẹ̀sùn ló dé yẹn, torí bìdọ́n lítà 25 tó kún fún epo pupa máa ń tó kílò 22 tàbí 23. Bó bá jẹ́ kílò 18, a jẹ́ pé wọn ò rọ ọ́ kún. Kódà bó bá mọ̀ pé owó ni, Èkó ló wà: ṣé náírà ni àbí sẹ́fà? Àlájà ti béèrè èyí rí. A pa gbogbo "k" rẹ́. A kọ 18 000, a sì kọ sẹ́fà tì í ní gbogbo ibi tí owó wà.

Ẹ ṣọ́ra fún kọ́mà nínú owó pẹ̀lú. Ní Nàìjíríà, 1,500 ni wọ́n ń kọ fún ẹgbẹ̀rún kan àti ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta. Ẹni tó kàwé ní Faransé máa ń fi kọ́mà ya ìdá sọ́tọ̀, 1,5 sì ni ọ̀kan àti ààbọ̀. Àlàfo ni a fi sí tiwa, kò sí ẹni tí ìyẹn ń ṣì lọ́nà bí sẹ́fà bá wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ohun kẹta: yọ iye kúrò nínú ọ̀rọ̀

"bidon 20 25l 18k 10 5l 4k adin 6 5l 5k". Ẹ ka ìyẹn fún ọmọ yín kó ṣírò rẹ̀. Ó lè sọ pé bìdọ́n mẹ́wàá ni 18k, torí 10 ló tẹ̀ lé e. Kọ́mà nìkan ò tó láti tún irú èyí ṣe. Ìlà tirẹ̀ ni a fún ọjà kọ̀ọ̀kan, ètò kan náà la sì tẹ̀ lé lórí gbogbo ìlà: orúkọ ọjà, bó ṣe tóbi, iye rẹ̀, owó ọ̀kan, àpapọ̀. Nígbà tí a kọ àpapọ̀ síbẹ̀, Àlájà lè fi ẹ̀rọ ìṣirò yẹ̀ ẹ́ wò. Bí iye kan bá ṣì, yóò hàn kí owó tó kúrò lọ́wọ́.

Ohun kẹrin: àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké tí ohùn ń yí

Bí fóònù yín bá lè fi àmì sórí ọ̀rọ̀, ẹ fi í. Ìlànà ìkọ̀wé Yorùbá wà nínú bọ́tìnnì fóònù mìíràn, ẹ wá a níbi tí ẹ ti ń yan èdè. Ẹ̀yin tí ẹ kọ́ ìwé níbí pẹ̀lú lẹ́tà ɛ àti ɔ, ẹ rántí pé ẹ àti ọ ni ará Èkó mọ̀. Ṣùgbọ́n fóònù arábìnrin wa kò ní àmì, kò sì lè torí lẹ́tà kan ra òmíràn. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ tí kò ní yí padà bí àmì kò bá tilẹ̀ sí la wá.

Bí o bá fẹ́ kí ó ṣe nǹkan, yọ "ma" kúrò pátápátá. Kọ "e jowo, e san owo to ku". Bí o bá fẹ́ kí ó má ṣe é, kọ "e ma se san". "ma se" yẹn kò jọ nǹkan mìíràn.

"k o" ńkọ́? Ẹlòmíràn máa sọ pé kí a kọ "ko". Ìyẹn kò tún un ṣe, torí "ko gbe eru" ṣì lè jẹ́ "kò gbé ẹrù" tàbí "kó gbé ẹrù". Kọ "ki o", ní ọ̀rọ̀ méjì. Èyí tó dára jù ni kí o pín gbólóhùn náà sí méjì: "Mo ti ba awako soro. Yoo gbe eru lo si Igolo."

Èyí tó bà mí lẹ́rù jù ni "epo yi o lomi bi ti ijosi". Lẹ́nu wa, "epo yìí ò lómi" ni pé kò sí omi nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú ìwé, "o" yẹn lè jẹ́ "ó": "epo yìí ó lómi bíi ti ìjọ́sí". Ẹ̀yin tí ẹ ń ta epo mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Epo tó lómi máa ń ta pàràpàrà bí a bá gbé e kaná, kì í sì í pẹ́ bàjẹ́. Arábìnrin wa fẹ́ fi Àlájà lọ́kàn balẹ̀ pé òun ti se ti ìsinsìnyí dáadáa. Lẹ́tà kan ṣoṣo ti fẹ́ sọ ọ́ di ẹni tó ń jẹ́wọ́. A kọ "ko si omi ninu epo yii". A sì yọ "bi ti ijosi", a sọ ọ́ di gbólóhùn tirẹ̀.

Lẹ́tà náà lẹ́yìn àtúnṣe

Mo fi àmì sí i níbí fún ẹ̀yin tí ẹ ń kà á:

Àkọlé: Epo pupa àti àdín, bìdọ́n 36. Owó tó kù: 230 000 sẹ́fà.

Àlájà, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Àwọn ọmọ ńkọ́? Mo rí ìwé tí ẹ kọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe bínú pé mo pẹ́ kí n tó dáhùn.

Epo ti wà nílẹ̀:

1. Epo pupa, bìdọ́n lítà 25. Iye: 20. Ọ̀kọ̀ọ̀kan: 18 000 sẹ́fà. Àpapọ̀: 360 000 sẹ́fà.
2. Epo pupa, bìdọ́n lítà 5. Iye: 10. Ọ̀kọ̀ọ̀kan: 4 000 sẹ́fà. Àpapọ̀: 40 000 sẹ́fà.
3. Àdín, bìdọ́n lítà 5. Iye: 6. Ọ̀kọ̀ọ̀kan: 5 000 sẹ́fà. Àpapọ̀: 30 000 sẹ́fà.

Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 430 000 sẹ́fà. Ẹ ti san 200 000 sẹ́fà. Ó ku 230 000 sẹ́fà.

Kò sí omi nínú epo yìí. Ti ìjọ́sí ló lómi, mo ti ṣàtúnṣe.

Mo ti bá awakọ̀ sọ̀rọ̀. Yóò gbé ẹrù lọ sí Ìgólò ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ní aago mẹ́wàá àárọ̀.

Ohun méjì ni mo ń bẹ̀ yín fún. Èkíní, ẹ san 230 000 sẹ́fà tó kù kí ọkọ̀ tó gbéra ní Pobẹ̀. Èkejì, ẹ dá àwọn bìdọ́n òfo padà fún mi. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dá mi lóhùn pé ẹ ti rí lẹ́tà yìí.

Ẹ ṣeun, Àlájà.

Ẹ ṣàkíyèsí pé a kó ohun tó fẹ́ kí Àlájà ṣe jọ sí ìsàlẹ̀, a sì kà á: méjì ni. Nínú ti àkọ́kọ́, ọ̀kan wà láàárín, ọ̀kan wà nítòsí ìparí, ìdáríjì ló sì kẹ́yìn. Ẹ tún ṣàkíyèsí pé ohùn arábìnrin wa ṣì wà níbẹ̀. A kò sọ ọ́ di akọ̀wé ìjọba.

Kí lẹ́tà tó lọ, a fún ọmọ àbúrò rẹ̀, tí kò mọ nǹkan kan nípa ọ̀rọ̀ náà, pé kó kà á sókè. A bi í ní ìbéèrè mẹ́ta: Ta ló máa sanwó? Èló ni? Ìgbà wo? Ó dáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láìwo ojú ẹnikẹ́ni. Ìgbà yẹn la tó dá àdírẹ́sì Àlájà padà sókè, a sì fi í ránṣẹ́. Owó dé ní ọjọ́ kejì, epo sì lọ. Ti awakọ̀ tó gba owó lófìfo, arábìnrin wa àti Àlájà pín in san.

Ẹ má gbọ́ mi ṣì o. Bí ẹ bá ń kọ ọ̀rọ̀ kúkúrú sí ẹni tó mọ̀ yín, tó lè pè yín padà lójú ẹsẹ̀, ẹ gé e bó ṣe wù yín. Lẹ́tà tí wọ́n máa tẹ̀ sórí pépà, tí owó àti ẹrù máa tẹ̀ lé, ni mo ń sọ.

Iṣẹ́ fún ẹgbẹ́ olùgbọ́

Kí a tó pàdé ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹ jókòó sí èyí. Òǹtajà iṣu kan kọ ọ́ sí oníbàárà rẹ̀:

```
slt oga isu 40 500 e ma wa gbe k o baje dim 8
```

Ìbéèrè kìíní: ṣé iṣu 40 ni, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 500, àbí owó gbogbo iṣu ni 40 500? Ẹ ṣírò méjèèjì, kí ẹ wo bí wọ́n ṣe jìn sí ara wọn tó. Ìbéèrè kejì: ọ̀nà mélòó ni a lè gbà ka "e ma wa gbe k o baje"? Kí ẹnìkan máa kà á sókè, kí ẹlòmíràn máa fi pọ́ẹ̀n sí i. Ìbéèrè kẹta: "dim 8", ṣé aago mẹ́jọ ọjọ́ Àìkú ni, àbí ọjọ́ Àìkú tó bọ́ sí ọjọ́ kẹjọ oṣù? Èwo nínú ìbéèrè mẹ́ta yìí ni ẹ lè dáhùn fúnra yín, èwo ni ẹ gbọ́dọ̀ lọ bi oníṣu?

Ẹ tún un kọ, kí ẹ sì fún ẹni tí kò sí níbi ìjókòó yín láti kà á. Ó dìgbà kan ná o. Ọjà á tà.